Ilé ni tàbí ilẹ̀? Bí a ṣe ń ka lẹ́tà àfọwọ́kọ Ẹ̀gbá nínú fọ́tò kí a tó túmọ̀ rẹ̀

Lẹ́tà àtijọ́ ṣì wà nínú àpótí ọ̀pọ̀ ilé ní Abẹ́òkúta: èyí tí bàbá àgbà kọ sílé láti ẹnu iṣẹ́ rélùwéè, èyí tí ìyá ní kí wọ́n bá òun kọ sí ọmọ tó wà l'Ékòó, èyí tí ẹnì kan fi ohun ìní rẹ̀ síkàáwọ́ ẹbí nígbà tó ń lọ sí ìdálẹ̀. Lóde òní, bí ọ̀rọ̀ ogún bá dé, tàbí bí ọmọ-ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ìwé náà, ẹnì kan nílé á fi fóònù ya á, á fi ránṣẹ́, wọn á sì bẹ onítumọ̀ kí ó sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Onítumọ̀ yìí gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ ìlà àkọ́kọ́ lè dá a dúró fún wákàtí kan. Kíkà ni iṣẹ́ tó ṣáájú. Ẹni tí kò bá tíì mọ ábídí tó wà lójú ìwé kò ní ohun tí yóò túmọ̀, àyàfi kí ó máa méfò.

Ọwọ́ tí wọ́n fi kọ àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ní orísun. Ọdún 1846 ni Henry Townsend, Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nínú C.M.S. fìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta, ilé-ìwé sì tẹ̀lé wọn. Nígbà tó fi máa di 1859, Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní ìlú náà. Ohun tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ kò ṣòro láti kà títí dòní. Èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé náà fi ọwọ́ ara wọn kọ ni ó le. Ìkọ̀wé àsopọ̀ ni wọ́n fi kọ́ wọn: wọn kì í gbé gègé kúrò lórí ìwé títí ọ̀rọ̀ yóò fi parí. Gègé onírin ni, inú tàdáwà ni wọ́n ti ń tì í bọ̀. Bí ọwọ́ bá ń bọ̀ wálẹ̀, ẹnu gègé á yà, ìlà á sì nípọn. Bí ọwọ́ bá ń gòkè, ẹnu gègé á pa dé, ìlà á sì tín-ín-rín gidigidi. Àwọn ìlà tín-ín-rín tó ń gòkè yìí ni wọ́n fi so ábídí kan mọ́ èkejì, àwọn náà ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ ṣá bí ìwé bá ti pẹ́.

Nígbà tí ìlà ìsopọ̀ bá ti ṣá, ohun tó kù lójú ìwé ni àwọn ọ̀pá kéékèèké tó tò lọ, láìsí ohun tó fi hàn èyí tó bá èyí lọ. Ábídí n jẹ́ ọ̀pá 2, u náà jẹ́ 2, m jẹ́ 3, i jẹ́ 1. Òkè ni wọ́n ti ń so ọ̀pá n pọ̀, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń so ti u. Bí ìsopọ̀ náà bá ti pa rẹ́, n àti u ti di ọ̀kan náà. Wo ọ̀rọ̀ náà "ninu". Bí a bá ka àwọn ọ̀pá rẹ̀, 2, 1, 2 àti 2, ó jẹ́ 7. Wàyí o, wo "mi ni", tí ẹni tó kọ ọ́ kò fi àyè tó sáàárín rẹ̀: 3, 1, 2 àti 1, òun náà jẹ́ 7. "Owo ninu apoti" àti "owo mi ni apoti" lè rí bákan náà lójú fọ́tò, bẹ́ẹ̀ sì ni èkejì sọ ẹni tó ni owó, tí èkíní kò sọ.

Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni àmì orí i. "Ninu" ní ẹyọ kan, lórí ọ̀pá kẹta. "Mi ni" ní méjì, lórí ọ̀pá kẹrin àti ìkeje. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé àmì náà yóò dúró lórí ọ̀pá rẹ̀ gan-an. Ẹni tó ń kọ̀wé kíákíá máa ń parí ọ̀rọ̀ kí ó tó padà wá fi àmì sórí i, ọwọ́ rẹ̀ sì ti lọ síwájú, nítorí náà àmì náà máa ń bọ́ sí apá ọ̀tún, nígbà mìíràn sórí ábídí kejì pátápátá. Ẹni tó ń kà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí òǹkọ̀wé yìí ṣe máa ń sún àmì tó, láti ara àwọn ọ̀rọ̀ tí kò rú u lójú, kí ó tó lè fi í ka èyí tó rú u lójú.

Àwọn ábídí tó ní ihò inú náà ní wàhálà tiwọn. Bí a kò bá pa orí a dé, u ni yóò jọ. Bí tàdáwà bá kún ihò inú e, yóò di i tí kò ní àmì. Bí wọ́n bá fi ìlà orí so o mọ́ ábídí tó tẹ̀lé e, ó lè jọ a. Ìparí ọ̀rọ̀ ni ó burú jù, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ ti máa ń dẹ̀ jù lọ. Nínú Abẹ́òkúta, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Itoku wà, níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Itoko náà wà, àdúgbò mìíràn ni. Ábídí kan ṣoṣo tó kẹ́yìn ni ó yà wọ́n, orí rẹ̀ ni a ó sì wò: ṣé ó pa dé tàbí ó ṣí? Ijẹmọ àti Ijẹun náà súnmọ́ra nínú ìkọ̀wé àsopọ̀, nítorí ọ̀pá 3 pẹ̀lú ihò kan tí kò pa dé dáadáa lè dàbí ọ̀pá 4 tàbí 5. Onítumọ̀ tó ń gbé ibòmíràn, tí kò mọ̀ pé àdúgbò méjèèjì wà, yóò kọ èyí tó ti gbọ́ rí, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ lẹ́tà Ẹ̀gbá gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn àdúgbò Abẹ́òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, láti Aké dé Òkè-Ọnà, Gbágùrá àti Òwu, pẹ̀lú orúkọ abúlé tó bá lè rí.

Títí dé ibí, ìṣòro tí ẹni tó ń ka lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ náà ń rí ni a ń sọ. Èyí tó kàn jẹ́ tiwa. Yorùbá ní àmì lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, i sì ní àmì lórí. Nínú lẹ́tà àfọwọ́kọ tí ìlà rẹ̀ fún mọ́ra, àmì abẹ́ ìlà òkè àti àmì orí i ti ìlà ìsàlẹ̀ jọ ń gbé àlàfo kan náà. Tóótó kan wà láàárín ìlà kẹfà àti ìkeje: ta ni ó ni ín? Bí ó bá jẹ́ ti òkè, "ile" ti di "ilẹ". Bí ó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀, ilé ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ilẹ̀. Ó tún lè máà jẹ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn: ó lè jẹ́ ihò tí kòkòrò jẹ, ó lè jẹ́ tàdáwà tó ta sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ tàdáwà ẹ̀yìn ìwé tó là kọjá síwájú, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń kọ ojú méjèèjì ìwé kí ó má baà ṣòfò. Ohun tó bá là kọjá láti ẹ̀yìn máa ń rí bàìbàì ju ojúlówó lọ, a sì lè dá a mọ̀ bí a bá ní fọ́tò ẹ̀yìn ìwé náà, tí a yí i padà bí ìgbà tí ènìyàn ń wo dígí, tí a wá gbé e lé ti iwájú. Ìdílé tó bá fi fọ́tò iwájú nìkan ránṣẹ́ ti gba ọ̀nà yìí lọ́wọ́ onítumọ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà kì í fi tóótó ṣe àmì abẹ́. Igi kúkurú ni wọ́n máa ń fà sísàlẹ̀, bí wọ́n ti rí i nínú ìwé títẹ̀ ìgbà náà, nígbà tó jẹ́ pé tóótó gidi ni wọ́n ń fi sórí i. Ẹni tó bá kíyè sí èyí ti rí ohun tó lè fi dá wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n igi kúkurú yẹn máa ń di tóótó bí fọ́tò bá ti dínkù.

Àmì mìíràn tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ onítumọ̀ kì í mọ̀, nítorí ó ti kúrò nínú àkọtọ́ wa. Kí àkọtọ́ òde òní tó fìdí múlẹ̀ ní 1974, ohun tí a ń kọ lónìí pé "máa" ni àwọn àgbà ń kọ pé "mã", pẹ̀lú ìlà wíwọ́ kékeré lórí a. "Náà" ni wọ́n ń kọ pé "nã". Èyí tó jẹ́ "má", ìkìlọ̀, ni wọ́n ń kọ pé "ma" lásán. Ìlà wíwọ́ yẹn tín-ín-rín, ó sì wà lókè níbi tí ìlà tí wọ́n fi dábùú t máa ń fò lọ. Bí ó bá ṣá, tàbí bí ẹni tó ń kà á bá rò pé ti t ni, àṣẹ ti di ìkìlọ̀, ohun tí wọ́n ní kí ènìyàn máa ṣe ti di ohun tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ ṣe. Àwọn sípẹ́lì àtijọ́ tó kù náà lè ṣi ni lọ́nà: "nwọn" fún wọ́n, "on" fún òun, "enia" fún ènìyàn, "aiye" fún ayé, "mbẹ" fún ń bẹ. Láti 1875, nígbà tí àwọn ìjọ pàdé l'Ékòó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, àdéhùn ti wà fún ìwé títẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ lẹ́tà sílé kò fi àdéhùn ṣe. Ẹni tó ń retí "wọn" yóò rò pé tàdáwà tó bọ́ sílẹ̀ ni n tó wà níwájú rẹ̀.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wá kan fọ́tò fúnra rẹ̀. Fóònù ń fi àwọn ẹyọ wínníwínní hun àwòrán, èyí tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì. Gígùn ìwé fúlùsìkáàpù jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ńtímítà 33. Bí fọ́tò rẹ̀ bá ní píksẹ́lì 4000 ní gígùn, mílímítà kan gba nǹkan bí píksẹ́lì 12. Ara ábídí kékeré tó ga ní mílímítà 2 yóò ní píksẹ́lì 24, àmì abẹ́ tó jẹ́ ìdajì mílímítà yóò ní 6, ìyẹn sì tó láti mọ̀ bóyá igi kúkurú ni tàbí tóótó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi í ránṣẹ́ lórí Wáàtsáàpù bí fọ́tò lásán, tó sì dínkù sí píksẹ́lì 1600, ara ábídí náà ku 10, àmì abẹ́ ku 2, ìlà ìsopọ̀ tín-ín-rín kò sì ju 1 lọ. Kò tán síbẹ̀. Kí fọ́tò lè fúyẹ́, fóònù máa ń pín in sí igun mẹ́rin-mẹ́rin tó ní píksẹ́lì 8 ní gígùn àti 8 ní ìbú, á sì ju àwọn ìyàtọ̀ wẹ́wẹ́ tó wà nínú ìkọ̀ọ̀kan nù. Àmì tó jẹ́ píksẹ́lì 2 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tó máa ń jù nù, ó sì tún lè fi àbàwọ́n tí kò sí lórí ìwé sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ìlà tó nípọn. Kò sí bí a ṣe lè fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù tí ohun tó ti sọnù yóò padà.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ojú sí ìlà méjì kan. Èmi ni mo to gbólóhùn yìí fún àlàyé, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ pọ̀ nínú àwọn lẹ́tà ẹbí. Ẹni kan ń lọ sí ìdálẹ̀, ó sì kọ̀wé sílé. Ìkọ̀wé rẹ̀ rí dáadáa, ìwé náà sì ní ojú ìkápọ̀ kan láàárín. Ohun tí onítumọ̀ rí nínú fọ́tò ni èyí, mo sì fi àmì ìbéèrè sí ibi tí kò dá a lójú:

Mo ti fi il[e/ẹ?] ti mbẹ ni Itok[o/u?] le
[O/A?]deyẹmi lọwọ ki o m[a/ã?] gba owo nibẹ titi emi o fi de.

Ibi mẹ́rin ni iyèméjì wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì lè yí ọ̀rọ̀ padà: irú ohun ìní tó jẹ́, ibi tó wà, ẹni tí wọ́n fi lé lọ́wọ́, àti ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe. Ẹni tó bá kánjú túmọ̀ rẹ̀ yóò yan èyí tó wù ú ní ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò sì dán, ẹni tó ń kà á kò sì ní mọ̀ pé iyèméjì wà níbẹ̀ rárá.

Onítumọ̀ tó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ fi gbólóhùn yẹn sílẹ̀. Yóò lọ sí ibi tí ohun tó wà níbẹ̀ kò ṣeé ṣì kà: orí lẹ́tà tó ní "Abẹokuta" àti ọjọ́, ìkíni, orúkọ Ọlọ́run, ìparí tó ní "Emi ni ọmọ nyin". Láti ara wọn ni yóò ti yọ ábídí òǹkọ̀wé yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí yóò gé wọn kúrò nínú fọ́tò, tí yóò sì tò wọ́n sí ojú ewé kan: báyìí ni a rẹ̀ ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, báyìí ni ó rí láàárín, báyìí ni u rẹ̀ ṣe ń parí. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó ju èyí lọ. Ọwọ́ ẹni ló máa ń yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹnì kan kì í sáábà yàtọ̀ sí ara rẹ̀ nínú lẹ́tà kan náà.

Ó wá padà sí Itok[o/u]. Ọ̀rọ̀ "Oṣu" wà nínú ọjọ́ tó wà lókè lẹ́tà, u ni ó sì parí rẹ̀. Nínú rẹ̀, orí u ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìrù rẹ̀ sì lọ sísàlẹ̀. Ní ìparí "lọwọ" àti "owo", o pa dé, ìrù rẹ̀ sì gòkè díẹ̀ sí ọ̀tún. Èyí tó wà nínú orúkọ àdúgbò náà pa dé, ìrù rẹ̀ sì gòkè. Itoko ni.

Fún orúkọ ẹni, ábídí ńlá náà kò ràn wá lọ́wọ́, nítorí A tí wọ́n bá kọ ní róbótó, tí igi ọ̀tún rẹ̀ sì ṣá, O ni yóò jọ. Ṣùgbọ́n orúkọ méjì tó ṣeé ṣe níbí ni Adéyẹmí àti Ọdẹ́yẹmí, ìdílé ọlọ́dẹ ni ó sì ń jẹ́ èkejì. Ẹ wo ábídí kẹta. Nínú Adéyẹmí, e àkọ́kọ́ kò ní àmì abẹ́. Nínú Ọdẹ́yẹmí, ó yẹ kí ó ní in. Fọ́tò kò fi àmì kankan hàn lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti ẹ kejì hàn kedere. Ṣé ìyẹn ti tó? Ó kù díẹ̀. A gbọ́dọ̀ ka iye ìgbà tí òǹkọ̀wé yìí gbàgbé àmì abẹ́ níbi tó yẹ kí ó wà. Bí ó bá fi í sí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, àìsí rẹ̀ níbí jẹ́ ẹ̀rí pàtàkì pé Adéyẹmí ni. Bí ó bá jẹ́ ìdajì ni ó ń fi sí, àìsí rẹ̀ kò sọ ohunkóhun, a ó sì fi orúkọ méjèèjì sílẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, ká ní kì í gbàgbé rẹ̀.

"Ile" ni ó tẹ̀lé e. Àmì kan wà nísàlẹ̀ e, ṣùgbọ́n i tó parí orúkọ Adéyẹmí wà ní ìlà tó tẹ̀lé e, nísàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an. Bí a bá lọ wo "ti", "fi" àti "titi", a ó rí i pé tóótó ni òǹkọ̀wé yìí ń fi sórí i, tó sì súnmọ́ ọ̀pá rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Lábẹ́ "lọwọ" àti "mbẹ", igi kúkurú ni. Èyí tó wà ní àlàfo náà gùn díẹ̀, ó súnmọ́ òkè ju ìsàlẹ̀ lọ, i Adéyẹmí sì ní tóótó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àmì abẹ́ ni. Ilẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

"Ma" ni kò gbọ́. Ojú ìkápọ̀ ìwé gba orí rẹ̀ kọjá, òjìji ìkápọ̀ náà sì bo ibi tí ìlà wíwọ́ yẹ kí ó wà. Àyíká ọ̀rọ̀ kò ràn wá lọ́wọ́: ẹni tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ lè ní kí wọ́n máa gba owó níbẹ̀ títí òun yóò fi dé, ó sì lè ní kí wọ́n má gba owó níbẹ̀ títí òun yóò fi dé. Ohun tó kù ni kí ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ tún un yà. Kí ó tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀gbẹ́ kan wá, kí ó pa iná fóònù, kí ó ya á lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà kí ó yí ìwé náà padà kí ìmọ́lẹ̀ lè ti ẹ̀gbẹ́ kejì wá, kí ó tún un yà. Òjìji ìkápọ̀ yóò yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ṣùgbọ́n tàdáwà kò ní kúrò níbi tó wà. Bí a bá rí i ní fọ́tò méjèèjì, àmì ni.

Ẹ ti rí i pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ń ran ẹni tó ń kà lọ́wọ́, ó sì dára kí a mọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ mọ. Kò sí c, q, v, x tàbí z nínú ábídí wa, nítorí náà ohun tó jọ v nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá, r tàbí u ni. Ọ̀rọ̀ kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, àfi n tó ń sọ fáwẹ̀lì di àránmúpè. Yorùbá gbogbogbò kì í fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, nítorí náà "uwọn" tí a rí kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀: "nwọn" tàbí "awọn" ni. Nínú ọ̀rọ̀ kúkurú, e àti o kì í bá ẹ àti ọ gbé pọ̀, nítorí náà bí a bá rí àmì lábẹ́ o kan ṣoṣo nínú "owo", èkejì náà ní tirẹ̀ bí a kò tilẹ̀ rí i. Ṣùgbọ́n òfin yìí kò mú "ile" àti "ilẹ", nítorí i ń bá méjèèjì gbé. Kò mú orúkọ tí a fi ọ̀rọ̀ méjì so pọ̀, bí Adéyẹmí. Kò sì sọ ìyàtọ̀ owó àti òwò, nítorí ohùn ni ó yà wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà àtijọ́ kì í sábà ní àmì ohùn.

Àwọn nọ́ḿbà kò ní irú ìrànlọ́wọ́ yìí rárá. Bí 1917 bá lè jẹ́ 1927, kò sí òfin èdè tó lè yà wọ́n. Ìtàn ìlú ni a ó lọ bá. Bí lẹ́tà náà bá dárúkọ Aláké Adémọ́lá gẹ́gẹ́ bí ọba tó wà lórí oyè, 1917 ti kúrò níbẹ̀, nítorí Gbádébọ̀ ni ó jọba láti 1898 títí di 1920. Bí ó bá ń ráhùn lórí owó-orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé, a súnmọ́ 1918, ọdún ogun Adùbí.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ìdílé kì í rò. Ọwọ́ tó wà nínú lẹ́tà lè máà jẹ́ ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Akọ̀wé lẹ́tà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sanwó fún, wọn á sì tẹ àtàǹpàkò wọn tàbí kí wọ́n fi àmì sí ìsàlẹ̀. Nítorí náà, bí lẹ́tà ìyá àgbà kò bá ṣeé kà, ẹ má wulẹ̀ máa wá lẹ́tà rẹ̀ mìíràn nìkan. Ẹ wá ìwé ẹlòmíràn tí akọ̀wé kan náà kọ, nítorí ábídí akọ̀wé ni a nílò. Fún ìwé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ C.M.S. ìgbà àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta, èyí rọrùn, nítorí àpamọ́ ìjọ náà wà ní Yunifásítì Birmingham, tí ènìyàn sì lè rí ojú ewé púpọ̀ láti ọwọ́ ẹnì kan. Fún lẹ́tà ilé, àpótí àwọn aládùúgbò ni àpamọ́.

Nígbà tí a bá wá túmọ̀, iyèméjì tó kù gbọ́dọ̀ wà nínú ìtumọ̀ náà. Bí "ma" kò bá tíì yé wa, a ó kọ ọ̀nà méjèèjì sínú Gẹ̀ẹ́sì, a ó fi àkámọ́ sí i, a ó sì sọ nísàlẹ̀ ìwé pé ìkápọ̀ ni ó bo àmì. A ó so ìwé tí a dà kọ ní Yorùbá mọ́ ìtumọ̀, ìlà fún ìlà, pẹ̀lú sípẹ́lì òǹkọ̀wé bí ó ti kọ ọ́, láìtún ohunkóhun ṣe, kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá jẹ́ ilé-ẹjọ́ ni ìwé náà ń lọ, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú ẹni mọ́, nítorí ẹni tó bá fọwọ́ sí ìtumọ̀ ń jẹ́rìí sí i.

Ẹ̀yin tí ìwé wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ ìkápọ̀ rẹ̀, ẹ má fi gègé òde òní tún ìlà tó ṣá kọ, ẹ má sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Ẹ ya iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ mú fóònù dúró tààrà lókè ìwé, ẹ pín ojú ewé kan sí fọ́tò mẹ́ta tó wọnú ara wọn, ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi wọ́n ránṣẹ́ bí fáìlì, kì í ṣe bí fọ́tò lásán. Níbi tí àmì kan ṣoṣo bá ti ń pinnu ẹni tó ni ilẹ̀, bí fọ́tò bá sì ti kọ̀ láti sọ̀rọ̀, ẹ gbé ìwé náà fúnra rẹ̀ lọ síwájú ẹni tó ń túmọ̀ rẹ̀.